Tí "return" bá ti padà, kí ni "back" ń wá níbẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà ní Ṣágámù ní kí n bá òun yẹ ímeèlì kan wò kóun tó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà wọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Ohun tó kọ rèé: "Please sign and return back the agreement on or before Friday. I repeat again: kindly attach the past history of the land."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Yorùbá inú wa ló ń kọ ọ́. Nínú èdè wa, èèyàn á "dá ìwé padà": "dá" níwájú, "padà" lẹ́yìn, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. A sì máa ń ní kí ẹnì kan "tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i", kò sẹ́ni tó máa bú wa. Ṣùgbọ́n "re" tó wà níwájú "return" àti "repeat" wá láti èdè Látìn. Iṣẹ́ "padà" àti "tún" ló ti ń ṣe níbẹ̀. (Àwọn òyìnbó fúnra wọn máa ń sọ "return back", kì í ṣe àwa nìkan.)

Mo yọ "back". Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti béèrè ìtàn ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ó ní ẹ̀ẹ̀kan. A jẹ́ pé "repeat" tó o, mo yọ "again". Ká ní ó ti tún un béèrè rí ni, "again" ì bá ríṣẹ́ ṣe. "Past" náà lọ, torí ìtàn ilẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀la.

Ó wá fẹ́ kí n gé "on or before" náà. Mo ní rárá. Tó bá kù sí "before Friday", ẹni tó mú ìwé wá lọ́jọ́ Ẹtì gan-an ti pẹ́ nìyẹn, ẹjọ́ sì lè tibẹ̀ yọ.

"Past" pàápàá, ibi tá a ti ń yọ ọ́ wà, ibi tá a ti ń fi sílẹ̀ wà. Ní ọsibítù, irú OOUTH tó wà ní Ṣágámù níbí, "history" ni ohun tí aláìsàn bá sọ fún dókítà. Ti àìsàn tó gbé e wá lónìí wà lọ́tọ̀, àwọn àìsàn tó ti ṣe é rí sì ń lọ sábẹ́ "past medical history". Ẹ yọ "past" níbẹ̀, ẹ ti da ti àná pọ̀ mọ́ ti òní.

Ẹ má sì lo Find and Replace láti fi pa gbogbo "back" rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Call me back" á di "Call me", ẹni tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ò sì ní mọ̀ pé ẹ ti pè é tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi fi ímeèlì náà ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí oníbàárà fi dáhùn: "Noted. Will return back on Thursday." Ó wò mí. Mo ní kó fi bàbá sílẹ̀ jàre, ṣebí wọ́n ń mú ìwé bọ̀.