Ẹ̀jẹ̀ Aboyún: Ṣé Ó Dín Ni, Tàbí Omi Ló Pọ̀ Sí I?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin baba ilé, ẹ jẹ́ kí a fi ìyàwó kan ní Kétu ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, agbẹ̀bí ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìwé tí wọ́n fún un kà pé 12,5. Ní oṣù kẹfà, ó tún lọ. Ìwé kejì kà pé 10,9. Ìyá ọkọ rẹ̀ rí i, àyà rẹ̀ já. Ó ní: «Ẹ gbà mí o! Ọmọ inú ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ tán.» Agbẹ̀bí dá a lóhùn pé: «Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín kò dín rárá. Ó ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.»

Báwo ni nọ́ńbà ṣe lè wálẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ sí i? Èyí ni a fẹ́ tú palẹ̀ lónìí.

Ohun tí nọ́ńbà náà ń wọ̀n

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bí a bá bù ú sínú ìgò tí kò ní jẹ́ kí ó dì, tí a gbé e kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò pín sí méjì. Omi tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àwọ̀ koríko gbígbẹ yóò wà lókè: èyí ni omi ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní pílásímà. Hóró pupa yóò sì rì sí ìsàlẹ̀. Nínú àwọn hóró wọ̀nyí ni ẹmoglóbínì wà. Òun ni ó pupa, òun ni ó ní èròjà irin nínú, òun náà ni ó sì ń ru ọ́ksíjìn tí à ń mí símú láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara.

Nọ́ńbà inú ìwé kò sọ iye ẹmoglóbínì tí ó wà nínú gbogbo ara ènìyàn. Iye gíráàmù tí ó wà nínú ìdámẹ́wàá lítà kan ni ó ń sọ. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀. Bí a bá bu omi sí i, iyọ̀ tí a kọ́kọ́ fi sí i kò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ṣíbí kan tí a bá tọ́ wò kò ní dùn tó ti tẹ́lẹ̀. Bí omi rẹ̀ bá sì gbẹ lórí iná, iyọ̀ a le lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kò fi iyọ̀ kún un. Nítorí náà, nọ́ńbà lè yí padà nítorí hóró pupa, ó sì lè yí padà nítorí omi. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò lóye gbogbo ìyókù.

Ọkùnrin àti obìnrin

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a sọ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó bí ọkùnrin àgbàlagbà bá wà lábẹ́ 13, tàbí bí obìnrin tí kò lóyún bá wà lábẹ́ 12. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nǹkan oṣù nìkan ló fa ìyàtọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ oṣooṣù ń mú irin jáde lára obìnrin, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Ẹ wo àwọn ọmọdé láti ọdún 5 sí 11: ìwọ̀n kan náà, 11,5, ni a ń lò fún ọkùnrin àti obìnrin. Ìgbà ìbàlágà ni ọ̀nà wọn pínyà. Èròjà tí ń mú irùngbọ̀n ọkùnrin hù, tí ń mú ohùn rẹ̀ ki, tí a ń pè ní tẹsitosterónì, òun náà ni ó ń ta mùdùnmúdùn inú egungun jí láti ṣe hóró pupa sí i. A rí ẹ̀rí rẹ̀ lára àwọn ọkùnrin tí dókítà fi oògùn dá èròjà yìí dúró nítorí àrùn jẹjẹrẹ: ẹmoglóbínì wọn a máa wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe nǹkan oṣù.

Àwọn tí ń gbé lórí òkè gíga

Ní La Paz, ní ilẹ̀ Bolivia, ènìyàn ń gbé ní ibi tí ó ga tó nǹkan bíi mítà 3.600 ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, nítorí náà ọ́ksíjìn tí èémí kan ń gbé wọlé kéré. Kíndìnrín a mọ̀ ọ́n lára, a sì ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn inú egungun pé kí ó ṣe hóró pupa sí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, àlejò tí ó bá gòkè lọ, nọ́ńbà rẹ̀ lè ti ga ní ọjọ́ kìíní sí ìkejì. Kí ló fà á? Ara rẹ̀ ti tú omi dànù nípasẹ̀ ìtọ̀ àti èémí, ni omi ẹ̀jẹ̀ bá dín. Ọbẹ̀ gbẹ lórí iná. Iyọ̀ kò tíì kún.

Fún ẹni tí ń gbé ní irú ibi gíga bí La Paz, ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2024 fi 2,5 kún òṣùwọ̀n. Obìnrin tí ìwé rẹ̀ kà pé 13 yóò yọ̀ ní Porto-Novo. Ní La Paz, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, nítorí 14,5 ni ó yẹ kí ó dé. Kì í sì í ṣe gbogbo ará òkè ni ara wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Tibet ti gbé lórí òkè fún ìrandíran, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ wọn kì í ki tó ti àwọn ará Bolivia.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, òkè kò da ìṣirò rú. Òkè Sokbaro, tí a sábà máa ń kà sí èyí tí ó ga jù ní Benin, kò ju mítà 658 lọ. Òkè Agou ní Togo jẹ́ mítà 986. Kódà ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ohun tí a ó fi kún un kò ju 0,4 lọ. Ní Kétu, ní Sábẹ àti ní Porto-Novo, a kò ní fi nǹkan kan kún un.

Ìṣirò aboyún wa

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyàwó wa. Kí oyún rẹ̀ tó dàgbà, ká ní lítà 4 ẹ̀jẹ̀ ni ó ní: lítà 2,5 jẹ́ omi, lítà 1,5 jẹ́ hóró pupa. Ní 12,5, gbogbo ẹmoglóbínì ara rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 500.

Oyún ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó pa iyọ̀ àti omi mọ́ sínú ara. Omi ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ kíákíá. Hóró pupa náà ń pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sáré tó omi. Ní oṣù kẹfà, omi rẹ̀ ti di lítà 3,5, hóró pupa di lítà 1,7. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 5,2, ẹmoglóbínì inú rẹ̀ sì ti di nǹkan bíi gíráàmù 567. Ẹ pín in: 10,9 ni yóò jáde. Ó ti jèrè gíráàmù 67, nọ́ńbà rẹ̀ sì wálẹ̀. Òótọ́ ni agbẹ̀bí sọ.

Èrè wà nínú omi yìí. Ẹ̀jẹ̀ tí kò ki jù a máa ṣàn wọ inú olóbi wọ́ọ́rọ́wọ́, a sì bọ́ ọmọ dáadáa. Ní ọjọ́ ìbímọ pẹ̀lú, bí ìyá bá pàdánù ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀, nǹkan bíi gíráàmù 55 ni yóò bá a lọ, dípò 63 tí ì bá lọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà ní 12,5. Lẹ́yìn ìbímọ, ara a tú omi náà dànù nípasẹ̀ ìtọ̀ àti òógùn, ẹ̀jẹ̀ a sì padà sí bí ó ti wà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nítorí omi yìí ni òṣùwọ̀n aboyún ṣe yàtọ̀: kí ó má wà lábẹ́ 11 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kí ó má wà lábẹ́ 10,5 ní ìdá àárín, kí ó má sì wà lábẹ́ 11 ní ìdá ìkẹyìn.

Ibi tí a ti ń ṣì í

Ẹnìkan lè wí pé: «Ó dára, omi lásán ni, kò sí ewu.» Ẹ ṣọ́ra! Ẹ wo obìnrin kejì, tí ibà àti aràn inú ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lóyún. Láti 10,5 ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú lítà 4, gíráàmù 420 péré ni ó ní. Kò ní irin ní ìpamọ́, nítorí náà kò lè ṣe hóró tuntun tó. Omi kò dúró dè é. Lítà kan wọlé. 420 nínú lítà 5 jẹ́ 8,4. Omi ló fa ìwálẹ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìní irin ni kò jẹ́ kí ó lè bá omi rìn. Bí ó bá lọ sí abẹ́ 7, ewu ńlá ni fún ìyá àti ọmọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́? Omi kì í sọ hóró pupa di kékeré. Ẹ wo ibi tí a kọ VGM sí nínú ìwé náà: ìwọ̀n hóró kọ̀ọ̀kan ni. Bí ó bá wà lábẹ́ 80, hóró ti kéré jù, irin ni a sábà máa ń fura sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ òbí lè fà á pẹ̀lú. Ẹ wo ara náà. Bí inú ìpéǹpéjú àti àtẹ́lẹwọ́ bá funfun, tí aboyún ń mí hẹlẹhẹlẹ níbi tí ó jókòó sí, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, omi nìkan kọ́ nìyẹn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Aboyún tí nọ́ńbà rẹ̀ ju 13 lọ ní oṣù kẹjọ, àwọn ará ilé a máa yìn ín pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára. Ó lè jẹ́ pé omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ bí ó ti yẹ. Kí agbẹ̀bí wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó sì wò ó bóyá ọmọ ń dàgbà, nítorí èyí lè bá ẹ̀jẹ̀ ríru oyún rìn.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó kù. Ẹ má ṣe fi omi mímu du aboyún kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ki. Kì í ṣe omi inú ife ni ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di fífẹ́lẹ́, iṣẹ́ oyún fúnra rẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí ó dá oògùn irin dúró nítorí pé a ní omi ló pọ̀. Mílígíráàmù 30 sí 60 irin lójoojúmọ́, pẹ̀lú fólíkì, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún máa lò. Òun ni ó ń jẹ́ kí hóró pupa lè máa tẹ̀lé omi lẹ́yìn. Ìgbẹ́ rẹ̀ yóò dúdú. Kí ó má bẹ̀rù, irin tí ara kò gbà ni. Kí ó kó ìwé kìíní àti ìwé kejì pa mọ́ síbì kan náà, kí ó sì mú méjèèjì lọ bá agbẹ̀bí, nítorí ìwé kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ.