Bí Ọjà Bá Pẹ́ Dé, Tó sì Bàjẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, 200 àpò sìmẹ́ǹtì tí a sanwó rẹ̀ yẹ kó dé ní ọjọ́ 3 oṣù tó kọjá. Ọjọ́ 14 ló dé. Òjò ti pa á lọ́nà. Nínú àpò 18, a fọwọ́ tẹ ìṣù rẹ̀, kò fọ́: ó ti di òkúta nìyẹn.

Kí akọ̀wé wa tó fọwọ́ sí ìwé ẹrù, ó kọ ọjọ́ náà àti "àpò 18 ti dì" sí i, awakọ̀ sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ sí i láìkọ nǹkan, ẹnu lásán ni yóò fi jà.

Lọ́jọ́ kejì a kọ lẹ́tà sí oníṣòwò náà, láìbú ẹnikẹ́ni. A kọ nọ́ńbà rìsíìtì, ọjọ́ àdéhùn, ọjọ́ tí ẹrù dé, àti iye tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà la sọ ohun tí a fẹ́:

"Ẹ pààrọ̀ àpò 18 náà láàárín ọjọ́ 7, kí owó ọkọ̀ jẹ́ tiyín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dá owó wọn padà. Ẹ san owó ọjọ́ tí àwọn bíríkìlà fi jókòó."

Nítorí pé ọjọ́ wà nínú ìwé àdéhùn la fi lè bèèrè èyí tó kẹ́yìn.

A kó àpò tó dì sọ́tọ̀ kí wọ́n lè wá wò ó. Ẹni tó gba ọjà tó sì dákẹ́ pẹ́, òfin lè kà á sí pé ó ti tẹ́wọ́ gbà á.