Àwòrán Kò Ní Aago Nínú: Bí A Ṣe Lè Ti Ara Àwòrán Ọ̀nà Mọ Iye Ọkọ̀ Tí Ń Kọjá Ní Wákàtí Kan

Ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ gba Fìdítì àti Ìlọrà kọjá, gbogbo àwa ará agbègbè Afijió ni a sì ń lò ó, ìbáà jẹ́ Ìwàrè ni a ti ń bọ̀ tàbí Jóbèlé. Àwọn ọmọ iléèwé náà ń sọdá rẹ̀. Bí àwọn òbí bá fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n ṣe bọ́ǹpù sí ibi tí àwọn ọmọ ti ń sọdá, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ọ̀nà náà nígbà tí ó bá kún fọ́fọ́, kí wọ́n fi í mọ́ ìwé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó ń kọjá níbẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹnjiníà tí ó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Bí kò bá rí ìdáhùn, orí tábìlì ni ìwé náà yóò wà.

Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n kò sí nínú àwòrán nìkan. Àwòrán lè sọ fún wa pé ọkọ̀ mélòó ni ó wà ní ojú ọ̀nà ní ìṣẹ́jú kan pàtó. Ọkọ̀ mélòó ni ó ń kọjá ní wákàtí kan, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí ènìyàn 4 wà nínú rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá yọjú. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ń lo wákàtí kan kí ó tó jáde, ènìyàn 4 ni onígbàjámọ̀ náà ń rí ní wákàtí kan. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 15 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, ènìyàn 16 ni. Ènìyàn 4 náà ni ẹni tí ó yọjú rí nígbà méjèèjì. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pẹ́ tó nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú kò sì lè ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣe rí gan-an nìyí. Ohun méjì ni a ní láti mọ̀: iye ọkọ̀ tí ó wà ní ibi kan tí a ti wọ̀n, àti iye àkókò tí ọkọ̀ kan fi ń la ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Èmi ni mo fi àwọn iye rẹ̀ sí i kí ìṣirò náà lè rọrùn. Ẹnì kan dúró ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ó kọjú sí ọ̀nà, ó sì ya àwòrán. Àwọn òpó iná tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà hàn nínú rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi tépù wọn ilẹ̀ láti ara òpó kan dé ara òpó mìíràn tí ó hàn kedere, ó sì rí i pé mítà 200 ni. Ó padà sí ìdí àwòrán rẹ̀, ó ka àwọn ọkọ̀ tí ó wà láàárín òpó méjèèjì yìí: 4 ń lọ sí Ọ̀yọ́, 2 ń bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó mú aago ọwọ́, ó wo àwọn ọkọ̀ mélòó kan láti ìgbà tí wọ́n bá dé ara òpó àkọ́kọ́ títí wọn yóò fi dé ara èkejì. Ìṣẹ́jú àáyá 18 ni ó ń gbà wọ́n, èyí tí ó jẹ́ eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 18, àwọn ọkọ̀ 4 tí ó wà nínú àwòrán yóò ti jáde tán, àwọn mìíràn yóò sì ti rọ́pò wọn. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Bí a bá fi 18 pín in, ìgbà 200 ni ìrọ́pò yìí lè wáyé. Ìgbà 200 lọ́nà ọkọ̀ 4 jẹ́ ọkọ̀ 800 tí ń lọ sí Ọ̀yọ́ ní wákàtí kan. Ní ìhà kejì, 200 lọ́nà 2 jẹ́ 400. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200.

Ẹ wá fojú inú wo ibẹ̀ kan náà nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dé, bóyá tirélà kan ni ó bàjẹ́ níwájú. Àwòrán tuntun fi ọkọ̀ 25 hàn ní ìhà Ọ̀yọ́ láàárín òpó méjèèjì, wọ́n sún mọ́ra bí ẹni pé okùn ni a fi so wọ́n. Àwòrán yìí ni olúkúlùkù yóò fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n aago fi hàn pé ìṣẹ́jú 3 ni ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń lò kí ó tó la mítà 200 náà já. Ìṣẹ́jú 3 wọ inú wákàtí kan ní ìgbà 20. Ìgbà 20 lọ́nà 25 jẹ́ 500. Ọ̀nà tí ó kún fọ́fọ́ ń gba ọkọ̀ 500 kọjá, èyí tí ó dà bí ẹni pé ó ṣófo sì ń gba 800. Bí wọ́n bá dúró pátápátá, àwòrán yóò kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iye tí ń kọjá yóò sì jẹ́ òfo.

Kì í ṣe ohun tuntun. Bruce Greenshields, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ti fi ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ojú ọ̀nà ìpínlẹ̀ Ohaio ní nǹkan bí ọdún 1934. Ó ṣètò ẹ̀rọ náà kí ó máa ya àwòrán léraléra, kí àkókò tí ó wà láàárín àwòrán kan àti èkejì má ṣe yí padà, kí ó bàa lè rí ibi tí ọkọ̀ kan náà dé nínú àwòrán tí ó tẹ̀ lé e. Aago tí kò sí nínú àwòrán kan ṣoṣo ni ó fi bẹ́ẹ̀ fi sí àárín àwòrán méjì. Ẹni tí ó ní fóònù tí ń ya fídíò lè ṣe bákan náà lónìí. Bí ẹ bá mú àwòrán méjì tí ìṣẹ́jú àáyá 3.6 wà láàárín wọn, iye mítà tí ọkọ̀ fi rìn síwájú ni iye kìlómítà tí ó ń sá ní wákàtí kan: mítà 40, kìlómítà 40. Àwòrán méjì yìí náà ni yóò fi bọ́ọ̀sì tí ó dúró ń gbé èrò hàn yín, nítorí pé kò ní kúrò lójú kan. Ẹ má ṣe kà á mọ́ àwọn tí ń lọ.

Ibì kan wà tí àwọn tí ó mọ ìṣirò dáadáa pàápàá ti ń ṣìnà. Gbogbo ọkọ̀ kò ní eré kan náà. Bí tirélà kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá 36 la mítà 200 já, tí Máíkírà sì fi 12 là á já, àkókò wọn ni kí ẹ pa pọ̀ kí ẹ pín sí méjì, yóò jẹ́ 24. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di eré yóò rí kìlómítà 20 àti 60, yóò pín in sí 40, 40 yóò sì dá a padà sí ìṣẹ́jú àáyá 18. Pẹ̀lú ọkọ̀ 4 kan náà, ẹni àkọ́kọ́ yóò kọ 600 sílẹ̀, ẹnì kejì yóò kọ 800. Ti ẹni àkọ́kọ́ ni ó tọ́, nítorí pé bí ọkọ̀ ṣe ń pẹ́ tó láàárín òpó méjèèjì ni ìṣirò wa dúró lé.

Ó ku ọ̀rọ̀ orí ire. Ọkọ̀ 4 tí a kà lè jẹ́ 2 tàbí 6 bí ó bá jẹ́ pé a yà á ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú. Ìlànà kan wà tí kò ṣòro: ẹ wá nọ́ńbà tí, bí ẹ bá fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, yóò jẹ́ iye tí ẹ kà, nǹkan bí ìwọ̀n yẹn ni iye náà lè fi yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Fún 4, ó jẹ́ 2, èyí tí ó jẹ́ ìdajì. Nítorí náà àwòrán kan ṣoṣo kò lè sọ ju pé ohun tí ń kọjá wà láàárín 400 àti 1,200, ẹnjiníà yóò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ya àwòrán kan ní ìṣẹ́jú méjì méjì láti agogo 7:00 títí di 7:48 òwúrọ̀, 25 ni yóò jẹ́. Bí àpapọ̀ ọkọ̀ inú wọn bá jẹ́ 100, nọ́ńbà tí a ń wá jẹ́ 10, ìdá kan nínú mẹ́wàá péré. Iye wa yóò wá wà láàárín 720 àti 880. Ó tún lè fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọkọ̀ kì í wá lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà tí ó tóóró. Wọ́n a máa tò sẹ́yìn tirélà. Aago ni kí ó pàṣẹ ìgbà tí a óò ya àwòrán, kí ó má ṣe jẹ́ ojú wa, nítorí pé ọwọ́ ẹni tí ń ya àwòrán a máa yá nígbà tí ọ̀nà bá kún.

Nípa kíkà fúnra rẹ̀, òkè ni kí ẹ ti yà á, kí tirélà má bàa bo ọ̀kadà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú jẹ́ ẹ̀rí: ọkọ̀ tí táyà iwájú rẹ̀ bá ti wọ àárín òpó méjèèjì ni kí ẹ kà. Ẹ kọ ọ̀kadà lọ́tọ̀, ẹ kọ tirélà lọ́tọ̀; ẹni tí yóò ka ìwé yín yóò fẹ́ mọ̀.

Kí ni 1,200 ní wákàtí kan jẹ́ fún ọmọ tí ó fẹ́ sọdá? Bí a bá fi pín 3,600, ọkọ̀ kan ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta. Ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì lè pàdé lórí rẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó mítà 7.3. Ọmọ kékeré tí ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo ju 7 lọ kí ó tó dé òdìkejì. Kò túmọ̀ sí pé àyè kò lè yọ rárá; lẹ́yìn tí àwọn tí ó tò sẹ́yìn tirélà bá kọjá tán, ọ̀nà a máa dá fún ìgbà díẹ̀. Iye ìgbà tí irú àyè bẹ́ẹ̀ ń yọ láàárín agogo 7 sí 8 ni ó yẹ kí ó tẹ̀ lé 1,200 nínú ìwé náà, àwòrán kò sì lè sọ ìyẹn. Ẹnì kan ní láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aago àti bébà, kí ó máa fa ìlà kan ní gbogbo ìgbà tí ìṣẹ́jú àáyá 8 bá kọjá láìsí ọkọ̀ kankan. Kí ó sì ka ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 nígbà tí ó bá wà níbẹ̀. Bí a bá sọ iye yẹn di ìlọ́po 4, tí ó sì jìnnà púpọ̀ sí ohun tí àwòrán sọ, kí wọ́n tún mítà 200 náà wọ̀n.