Géèmù tó ń kọ́ni láìsọ̀rọ̀

Nínú Super Mario Bros., géèmù tí Nintendo gbé jáde ní Japan lọ́dún 1985, kò sí àlàyé bọ́tìnnì kankan lójú tẹlifíṣọ̀n. Mario kàn dúró lápá òsì ni, ó kọjú sí ọ̀tún, níbi tí ilẹ̀ ti ṣófo gbalaja. Ta ni kò ní forí lé ibẹ̀?

Kò pẹ́ tí ọ̀tá kékeré kan fi ń bọ̀. Ẹni tí kò bá fò, ó kú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ti rìn kò ì tíì jìn, kíá ló máa padà débẹ̀. Bó bá wá fi orí kan àpótí tó ní àmì ìbéèrè, olú kan á yọ, á rìn lọ sọ́tùn-ún, á kọ lu páìpù, á sì ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù lè bà á, kó fẹ́ fò ó kọjá. Bíríkì òkè á gbá a lórí, á já lé olú náà, Mario á sì di ńlá. Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni.

Níwájú, àtẹ̀gùn méjì kọjú síra, ilẹ̀ wà láàárín wọn: bí o já bọ́, kò séwu. Àtẹ̀gùn méjì mìíràn tẹ̀ lé e, kòtò ikú ló wà láàárín tiwọn.

Síbẹ̀, kò sóhun tó fi hàn wá pé bọ́tìnnì B ni a fi ń sáré. Ẹni tó bá ń ṣe géèmù tirẹ̀, kó gbé e fún ẹni tí kò ṣe é rí, kó sì pa ẹnu mọ́: ibi tó bá ti gbójú sókè wò ó ni àtúnṣe kù sí.