Ajá Páfílọ́fù àti Fóònù Inú Àpò

Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí òfin ilẹ̀ Ọsirélíà ti ní kí àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ má ṣe gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láyè láti ní àkáǹtì, ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tí wọ́n ń jiyàn lé e lórí: pé fóònù ti sọ àwọn ọ̀dọ́ di ajá Páfílọ́fù, àti pé bí a bá ti gbà á lọ́wọ́ wọn, ara wọn yóò gbàgbé. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ìdajì àkọ́kọ́; ìdajì kejì ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ ìhùwàsí ẹ̀dá fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Àwọn baba wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, wọ́n sì mọ̀ pé a kò bí ajá kankan mọ́ fèrè, ẹ̀kọ́ ni. Bí ẹ̀kọ́ náà ti ń wọ ara ni Ifáànù Páfílọ́fù ará Rọ́ṣíà, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1904 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ti ń dà nínú, wá ìdí rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ abẹ darí ojú ọ̀nà itọ́ ajá gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ síta, kí ó lè máa ka ẹ̀kán rẹ̀. Oúnjẹ ń mú itọ́ wá láìsí olùkọ́: oúnjẹ ni amúṣe àbínibí, itọ́ sì ni ìdáhùn àbínibí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ tí àwọn olórin fi ń ka ìlù, èyí tí ń dún kọ́-kọ́-kọ́, bá ti ṣáájú oúnjẹ lọ́pọ̀ ìgbà, ajá a bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ kí oúnjẹ tó dé rárá. Ohùn náà ti di amúṣe àkọ́mọ́ra, itọ́ tí ó ń fà sì ti di ìdáhùn àkọ́mọ́ra. Bí oúnjẹ bá ṣáájú ohùn, ẹ̀kọ́ náà kì í sábà múlẹ̀, nítorí akéde tí ó dé lẹ́yìn àlejò kò kéde ohunkóhun.

Fóònù, a-dún-lápò-mú-ọkàn-fò, kò ní agbára kankan nínú ohùn rẹ̀ ní ọjọ́ tí a rà á. Lẹ́yìn tí ìwé olólùfẹ́ àti àwàdà ọ̀rẹ́ bá ti tẹ̀ lé ohùn náà fún oṣù mélòó kan, àyà akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa já nínú ọkọ̀ èrò bí fóònù ẹlòmíràn bá dún lọ́nà kan náà. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ẹ má ṣe àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀: jíjá àyà ni ìdáhùn Páfílọ́fù, ọwọ́ tí ó ki bọ àpò láti wo fóònù jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn, èyí tí èrè tí ó tẹ̀ lé ìṣe ń darí.

Nígbà náà, báwo ni a ṣe ń pa ìdáhùn yìí rẹ́? Páfílọ́fù dún ohùn náà lemọ́lemọ́ láìfún ajá lóúnjẹ, itọ́ sì ń dín kù títí ó fi gbẹ. Ìyẹn ni ìparẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí ajá sinmi tán tí ohùn tún dún, itọ́ tún yọ, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti ìṣáájú. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ kò kú; ẹ̀kọ́ tuntun, tí ń wí pé "ohùn yìí kò mú nǹkan wá mọ́," ni ó gun orí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá jókòó sí yàrá rẹ̀, tí ó mú kí fóònù dún ní ogún ìgbà láìsí ìwé kankan, àyà rẹ̀ lè dẹ́kun jíjá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó má yà á lẹ́nu bí ó bá tún já, pàápàá nínú ọkọ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tuntun yìí máa ń so mọ́ ibi tí a ti kọ́ ọ ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹ wá wo ohun tí gbígba fóònù ń ṣe. Níbi tí ohùn kò ti dún rárá, ìparẹ́ kò bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ nìkan ni ó ń kọjá. Lójú tèmi, bí a kò tilẹ̀ lè fi itọ́ ajá díwọ̀n ọkàn ọmọ ènìyàn pátápátá, òfin irú ti Ọsirélíà lè ṣàǹfààní fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tíì kọ́ ohùn náà ju fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó ti mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀. Fún ọmọ kejì yìí, ohùn tí ó dún tí kò sì mú nǹkan wá, nílé, ní kíláàsì àti nínú ọkọ̀, ni ó lè dẹ̀rọ̀ àyà rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan kò tó.