Òru Tí Aago Kan Ààbọ̀ Dé Lẹ́ẹ̀mejì

Gbogbo ẹni tó ní ará ní Lọ́ńdọ̀nù ló mọ̀ pé ìgbà kan ń bẹ lọ́dún tí aago tiwa àti tiwọn máa ń bára mu, ìgbà mìíràn sì wà tí tiwa máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Ì báà jẹ́ ìgbà òjò, ì báà jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí kan ni aago Èkó fi ṣíwájú UTC, ìyẹn aago tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé láti fi mọ aago tiwọn. Àwọn ará Bìrìtéènì ló ń sún tiwọn, láti ọdún 1916 tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta bá dé, tí aago bá fẹ́ lu kan òru, ó di méjì lójú ẹsẹ̀. Bí ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá bá dé, tí aago bá fẹ́ lu méjì òru, ó tún padà di kan.

Ẹni tó ń sùn kò ní mọ̀. Kọ̀ǹpútà kì í sùn ní tiẹ̀, òru gan-an la sì máa ń gbé iṣẹ́ tó pọ̀ jù lé e lọ́wọ́: kó ro ìṣirò owó ọjọ́ náà pọ̀, kó ṣe ẹ̀dà fáìlì pa mọ́, kó fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ètò kan tó ń jẹ́ cron ló ń ṣọ́ aago. Ìlà kan péré ni ẹni tó ń bójú tó o máa kọ sílẹ̀ fún un:

```
30 1 * * * /opt/owo/firanse.sh
```

Ohun tí ìlà yìí ń sọ ni pé kí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní aago kan ààbọ̀ òru lójoojúmọ́. Kò sọ aago kan ààbọ̀ ti ibo. Aago tí wọ́n bá yí kọ̀ǹpútà náà sí ni cron máa tẹ̀ lé, bó bá sì jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù ni, a ti ti iṣẹ́ náà bọ inú wákàtí kan ṣoṣo tí wọ́n ń dà rú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan wà ní Peckham tó ń bá àwọn èèyàn wa fowó ránṣẹ́ sílé. Wọ́n ń gba pọ́n-ùn lọ́hùn-ún, báńkì kan ní Èkó sì ń san náírà fún ẹbí wọn. Ní aago kan ààbọ̀ òru Lọ́ńdọ̀nù, ètò wọn á kó gbogbo owó tó wọlé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tó kọjá jọ sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ `owo.csv`. Ní aago méjì òru Èkó, kọ̀ǹpútà báńkì á wá ka fáìlì náà, á sì san owó inú rẹ̀. Oṣù Kẹfà ni wọ́n ṣètò rẹ̀, nígbà tí aago ìlú méjèèjì bára mu. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà láàárín kíkọ àti kíkà, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ geerege.

Ní òru 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, aago kan ààbọ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì ní Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí kan sì wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì. Ètò tó ń ṣọ́ aago láìmọ èyí á ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì kejì á gbé owó wákàtí mẹ́tàlélógún tó ti wà nínú ti àkọ́kọ́, bí báńkì ò bá sì ní ọ̀nà láti mọ èyí tó ti san, á tún un san. Cron tó wà lórí Debian ní ọgbọ́n kan fún èyí: bí aago bá padà sẹ́yìn, kì í tún iṣẹ́ tó ti ṣe ṣe, bó bá sì fò síwájú, ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí aago fò kọjá. Iṣẹ́ tó ní aago pàtó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Kì í ṣe gbogbo ètò bẹ́ẹ̀ ló ní ọgbọ́n yìí, nítorí náà kí ẹni tó bá ń lo òmíràn lọ ka ìwé ìtọ́ni rẹ̀ dáadáa.

Àmọ́ ọgbọ́n cron yìí kò tó, ibí yìí ló sì ti ń tan àwọn tó mọṣẹ́ pàápàá jẹ. Ká ní cron ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní aago kan ààbọ̀ àkọ́kọ́. Lójú UTC, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ọ̀gànjọ́ nìyẹn, 00:30. Lọ́jọ́ kejì, 27 oṣù Kẹwàá, aago kan ààbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ti di 01:30 lójú UTC. Ètò náà á wo ẹ̀yìn fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, á sì dúró síbi 01:30 ọjọ́ tó ṣáájú. Wákàtí márùndínlọ́gbọ̀n ló ti kọjá láàárín iṣẹ́ méjèèjì, mẹ́rìnlélógún péré ló sì kà. Ká ní obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà fi £150 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lórí fóònù nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago lu méjì, kí wọ́n tó yí i padà. Owó náà ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, kò sì sí nínú fáìlì kankan. Kò sí àṣìṣe kankan tó hàn lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ parí lálẹ́ méjèèjì, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yọrí.

Ti oṣù Kẹta burú jù bí ètò bá jẹ́ irú èyí tó kàn ń fo iṣẹ́ tí aago rẹ̀ ò bá sí. Lọ́dún 2025, 30 oṣù Kẹta ló bọ́ sí. Kò sí aago kan ààbọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóru yẹn rárá, nítorí náà iṣẹ́ ò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló máa wò sẹ́yìn, owó wákàtí mẹ́tàlélógún tó ṣáájú ìyẹn á sì wà nílẹ̀ láìsí ẹni tó kà á.

Gbogbo èyí jẹ́ ti òru kan tàbí méjì. Èyí tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni ti Èkó. Láti 27 oṣù Kẹwàá, nígbà tó bá lu aago kan ààbọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, méjì ààbọ̀ ló lù ní Èkó. Báńkì ò mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, aago méjì tiẹ̀ náà ló ṣì ń wá ka fáìlì. Lóru àkọ́kọ́ yẹn, ó máa bá fáìlì àná nílẹ̀, èyí tó ti san owó inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sì tún un san. Láti òru kejì lọ, fáìlì tuntun á máa dé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí báńkì ti lọ, gbogbo owó á sì máa fi ọjọ́ kan pẹ́, títí di 29 oṣù Kẹta 2026 tí Lọ́ńdọ̀nù tún sún aago síwájú. Oṣù márùn-ún gbáko. Ìyá tó wà ní Abẹ́òkúta á máa sọ pé owó ò tètè dé mọ́, ọmọ á bínú sí ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ á dá báńkì lẹ́bi, báńkì á sì fi àkọsílẹ̀ hàn pé aago méjì gééré làwọn ń ṣiṣẹ́ àwọn. Òótọ́ sì ni gbogbo wọn ń sọ.

Ohun tó ń mú kí ìwádìí rẹ̀ le ni bí ọ̀pọ̀ ètò ṣe ń kọ aago sílẹ̀. Ẹni tó bá rí 01:30 lẹ́ẹ̀mejì nínú àkọsílẹ̀ kan náà kò ní lè mọ èyí tó ṣáájú. Àṣẹ `date -Iseconds` ń kọ ọ́ lọ́nà tó ṣe é yà sọ́tọ̀:

```
2025-10-26T01:30:00+01:00
2025-10-26T01:30:00+00:00
```

Iye tó wà lópin ló ń sọ bí aago ìlú ṣe jìnnà sí UTC tó. Ìlà òkè ni aago kan ààbọ̀ àkọ́kọ́, ìlà ìsàlẹ̀ sì ni èkejì. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó ń kọ ètò pé kó má ṣe kọ aago sílẹ̀ láìfi iye yìí sí i.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Kí wọ́n so iṣẹ́ òru mọ́ UTC, tí kì í yí padà fún ìgbà ooru tàbí ìgbà òtútù. Lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo systemd, ìlà kan ló gbà:

```
OnCalendar=*-*-* 00:30:00 UTC
```

Mo dìídì mú 00:30 ni. Aago kan ààbọ̀ Èkó ló jẹ́ látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, nítorí náà fáìlì á máa wà nílẹ̀ kí báńkì tó dé. Bí òfin bá sì ní kí ilé-iṣẹ́ ro owó pọ̀ láti ọ̀gànjọ́ dé ọ̀gànjọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀gànjọ́ yẹn jẹ́ 23:00 UTC nígbà ooru, ó sì jẹ́ 00:00 UTC nígbà òtútù. Ní 00:30, ọjọ́ Lọ́ńdọ̀nù ti parí ní ìgbà méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣírò ibi tí ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fún ètò ní orúkọ `Europe/London`. Kí wọ́n má kọ `GMT`, nítorí aago ìgbà òtútù nìkan nìyẹn, á sì fi wákàtí kan ṣìnà ní gbogbo ìgbà ooru.

Yíyí aago nìkan ò tó ṣá. Kí ètò jáwọ́ nínú kíka wákàtí mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, kó máa kọ ibi tó bá dé sílẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ fo òru kan, ti ọjọ́ kejì á kó gbogbo rẹ̀. Kí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ nínú orúkọ rẹ̀, kí owó kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí báńkì lè kọ̀ ọ́ bó bá rí i lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ìjọba náà máa ń yí òfin aago padà. Bràsíìlì dẹ́kun sísún aago lọ́dún 2019, Íjíbítì sì dá a padà lọ́dún 2023. Inú àkójọ kan tó ń jẹ́ tzdata ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ òfin wọ̀nyí, èyí tí ẹ kò bá sì sọ di tuntun á máa fi òfin àtijọ́ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ní iṣẹ́ òru lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wo aago tí ẹ so ó mọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá jẹ́ aago Lọ́ńdọ̀nù, tó sì bọ́ sáàárín aago kan sí méjì òru, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kó tó di 25 oṣù Kẹwàá 2026. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Àìkú kìíní oṣù Kọkànlá ni tiyín, ààrin aago kan sí méjì náà ló sì máa ń dé lẹ́ẹ̀mejì; ní oṣù Kẹta, lọ́jọ́ Àìkú kejì, ààrin aago méjì sí mẹ́ta ló ń pòórá.