Owó kan náà, yúníìtì ọ̀tọ̀tọ̀: ohun tí mítà ń ṣe sí owó yín

Ẹ jẹ́ ká mú ayálégbé méjì nínú ilé kan ní Gbọ̀ngán. Mítà wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n wáyà kan náà ló ń gbé iná wá fún wọn. Àwọn méjèèjì ra iná ₦5,000 lọ́dọ̀ IBEDC lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan rí yúníìtì 71.6, èkejì rí 35.8. Èkejì ti fẹ́ lọ bá ẹni tó tà á fún un jà, bẹ́ẹ̀ orí rìsíìtì ni ìdáhùn wà.

Owó orí ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni wọ́n kọ́kọ́ yọ fún ẹni àkọ́kọ́. Ìyẹn gbé ₦348.84 lọ, ó ku ₦4,651.16. Ká ní ₦65 ni wọ́n ń ta yúníìtì kan (mo kàn fi ṣe ìṣirò ni, ti àwọn Báǹdì A, tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, ti kọjá igba náírà), 71.6 ni yóò jáde.

Gbèsè ló wà lórí ti ẹnì kejì. Wọ́n yọ ₦2,500 fún un, wọ́n tó wá yọ owó orí lára ìyókù. Orí nọ́ńbà mítà ni irú gbèsè yìí máa ń wà. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè ti kó lọ sí Ìkirè, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá máa bá a san án. Torí náà, ẹ gba nọ́ńbà mítà lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, kẹ́ ẹ sì ní kí ọ́fíìsì IBEDC bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Mítà fúnra rẹ̀ ò mọ náírà. Nọ́ńbà ogún tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ ló ń sọ iye yúníìtì àti ìgbà tí wọ́n tà á fún un. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ ti mítà yín nìkan tì í, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà aládùúgbò kì í fi í wọ tiyín, tí ẹ ò sì lè tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí owó iná bá lọ sókè lọ́la, èyí tó ti wọlé ò ní dín kù. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún rà lẹ ó mọ̀ ọ́n lára.

Tí yúníìtì bá wá wọlé dáadáa, àmọ́ tó ń yára tán ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, ẹ kọ́kọ́ fi ìyẹn wo ohun tẹ́ ẹ ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná nínú yàrá yín, kẹ́ ẹ wo iná pupa kékeré tó wà lójú mítà. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, nǹkan kan ṣì ń jẹ iná. Ẹ wá pa swíìṣì ńlá tó tẹ̀ lé mítà. Bí ẹnì kan bá pariwo láti yàrá kejì pé wọ́n ti múná lọ, á jẹ́ pé orí mítà yín ni iná tiẹ̀ wà, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá tú wáyà yín wò.